Ìbéèrè Márùn-ún, Wákàtí Mẹ́ta, àti Ẹnu Mi

Wọn ò bí mi láti máa sọ̀rọ̀ ṣókí. Ní ìdílé tiwa ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́ sí ilé onílé, ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀. Yóò kí baálé, yóò kí ìyàwó, yóò béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bá wọn kẹ́dùn ẹni tó kú lọ́dún tó kọjá, kó tó wá sọ pé ìyá òun ní kí wọ́n yá òun ní odó. Ṣọ́ọ̀ṣì wa náà kò ràn mí lọ́wọ́. Aládùúrà aláṣọ funfun ni wá. Bí ẹnì kan bá dìde láti jẹ́rìí, láti ibi tí wọ́n ti bí i ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní kó jókòó. Ẹ̀mí kì í wo aago, bí ìyá mi ṣe máa ń wí nìyẹn.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ni mo gbé lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti lọ kọ́ nípa òfin. Gbogbo ilé ló gbà pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Bàbá mi àgbà ti sọ ọ́ láti kékeré mi pé ọmọ yìí, bí kò bá di lọ́yà, a jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ á ti pa á. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni pé nínú ìdánwò òfin, aago ni adájọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìdánwò wa ṣe rí. Iṣẹ́ tó ń bá mi jà ni òfin àdéhùn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń fún wa, ìbéèrè márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni a ó sì dáhùn. Mẹ́rin jẹ́ onítàn: wọ́n á sọ fún ọ pé lágbájá bá tàmẹ̀dù ṣe àdéhùn, ìjà dé, wọ́n á ní kí o gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìmọ̀ràn. Ọ̀kan tó kù jẹ́ àròkọ, níbi tí wàá ti máa wí tẹnu rẹ lórí kókó kan nínú òfin. Máàkì ogún ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba ogójì lápapọ̀ ti yege. Ẹni tó bá sì ṣubú nínú iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní ẹ̀ka tiwa nígbà náà, wọn á kó ẹrù rẹ̀ fún un, á lọ wá ẹ̀kọ́ míràn kọ́.

Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo gba ọ́fíìsì olùkọ́ tó ń kọ́ wa lọ. Mo lọ bá a jà ni, ká má purọ́. Mo mọ ìwé náà dénú. Àwọn tí mo là á yé ti yege, wọ́n ti lọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, kì í gbé ohùn sókè, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú sí i. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo dìde, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe fún yín.”

Ó wá ìwé ìdáhùn mi jáde, ó ṣí i síwájú mi. Àròkọ mi: mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Ó ní, “Kò sí ẹni tó kọ tó báyìí lọ́dún yìí.” Orí mi wú. Ó ṣí i lọ sí ìbéèrè onítàn kìíní: mẹ́rìnlá. Èkejì, márùn-ún, nítorí ìlàjì ojú ewé ni. Ó tún ṣí i, ojú ewé funfun báláú.

Ó ní, “Ìbéèrè kẹta dà?”

Mo ní, “Àkókò ló tán, sà.”

“Èmi ni mo ni àkókò ni? Mẹ́rìndínlógójì lo gbà. Ìbéèrè mẹ́ta péré lo fọwọ́ kàn nínú márùn-ún. Bí mo tilẹ̀ fún ọ ní ogún nínú ogún lórí àròkọ, n ò lè bù nínú rẹ̀ lọ fi sí ibi tí kò sí nǹkan. Òdo ni òdo.” Ó wá fi ìka lé ìbéèrè kìíní. “Ojú ewé kan àtààbọ̀ níbí, ìtàn tí èmi fúnra mi kọ lo tún ń sọ fún mi. Èmi ni mo kọ ọ́, ọmọ yìí. Mo mọ bó ṣe parí.”

Ojú tì mí, mo sì tún bínú pé ojú tì mí. Mo jáde láì dágbére, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń gbé yàrá, ló gbà mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó bíi tèmi ni, ọmọ Alhájì kan tó ń ta pákó. Kò gbọ́n jù mí lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo ń ṣàlàyé òfin àdéhùn fún un. Síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ ló ti yege. Ìyẹn jẹ́ ẹ̀gún lọ́rùn mi fún ọdún kan gbáko.

Mo ní kó wá wo ètò àkókò tí mo ṣe. Mo ti fún àròkọ ní wákàtí kan gbáko, òun sì ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù yóò pín wákàtí méjì tó kù.

Ó wò ó, ó wò mí. “Kí ló dé tó jẹ́ òun lo kọ́kọ́ fẹ́ dáhùn?”

Mo ní, “Òun ni àgbà wọn.”

“Ta ló fi í joyè?”

Lóòótọ́, bí ọkàn mi ṣe mú un nìyẹn: àròkọ ni bàbá, àwọn onítàn ni ọmọ, ẹnì kan kì í sì wọlé kó máa kí ọmọ kó fi bàbá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Ìwọ yìí, o wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, o kúnlẹ̀ fún ìbéèrè. Máàkì wọn dọ́gba. Àkókò wọn náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kò sí àgbà níbẹ̀.”

Ó mú bírò, ó jókòó tì mí. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ ọgọ́sàn-án ìṣẹ́jú. Ó yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí n fi ka gbogbo ìbéèrè, kí n sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yọ márùn-ún sílẹ̀ lópin, kí n fi yẹ iṣẹ́ wò. Ọgọ́jọ ló kù. Ó pín in sọ́nà márùn-ún: ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n fún ìbéèrè kan. Nínú méjìlélọ́gbọ̀n yìí náà, kí n fi bíi méje ronú kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nínú àwọn onítàn, kí n má sọ ìtàn: kí n sọ ohun tí ìjà dá lé, òfin tó bá a mu, bí òfin náà ṣe kan àwọn ẹni wọ̀nyí, àti ìmọ̀ràn mi. Ó parí.

Mo ní, “Bí méjìlélọ́gbọ̀n bá pé tí mi ò tíì parí ńkọ́?”

“O máa dúró.”

“Láàárín ọ̀rọ̀?”

“Láàárín ọ̀rọ̀. Fi ojú ewé kan sílẹ̀ bóyá wàá ráyè padà, kí o bọ́ sórí òmíràn. Bí ẹni ń fún ọsàn ni. Ìfún àkọ́kọ́ ló ń mú omi púpọ̀ wá. Ìwọ, o ti fún ọsàn kan gbẹ, o ṣì ń fún èèpo, ọsàn mẹ́rin sì wà nínú abọ́ tí o ò fọwọ́ kàn.”

Mo ní kò sí bí èèyàn ṣe lè já ọ̀rọ̀ tó ń dùn. Ó ní ṣe bí òun ń já a lójoojúmọ́. Bí àkókò ìrun bá tó, ìbáà jẹ́ orí òfófó tó dùn jù lọ ni àwọn wà, àwọn á dìde. Òfófó á dúró de àwọn. “Ẹ̀yin ará Aládùúrà lẹ rò pé bí ẹ bá dákẹ́, ọ̀run á wó.” Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo rántí ìyá kan tó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí oòrùn wà lókè títí ọmọ wẹ́wẹ́ fi sùn tán sórí ẹní, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ó gbé ìbéèrè ọdún tó kọjá síwájú mi, ó jókòó pẹ̀lú aago. Bí méjìlélọ́gbọ̀n bá pé, yóò já bírò gbà lọ́wọ́ mi. Mo bá a jà. Ọjọ́ kan wà tí a fa bírò náà títí tó fi ṣẹ́, tí tàdáwà dà sí aṣọ ìbora mi. Ó fọwọ́ nu tàdáwà, ó ní, “Ìbéèrè kejì.” Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n. Mo rí i pé bí ìṣẹ́jú bá ti ń lọ, n ò ráyè kí ará ilé mọ́. Mo ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ní ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ díẹ̀, mo lọ sílé. Mo ṣàlàyé ètò náà fún ìyá mi, nítorí òun ló ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ju èmi lọ. Ìyá àdúrà ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ó ní, “Ibo ni àdúrà wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ máa gbà á nílé.”

“Èmi á gba tèmi. Ìwọ ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí o ní o fẹ́ fi ka ìbéèrè yẹn, fi mẹ́wàá gbàdúrà.”

“Màmá, mẹ́wàá ti pọ̀ jù.”

“Ó dáa, méje.”

A ná an bí ẹni ń ná ata. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbàdúrà nínú ọkàn láìlo ìṣẹ́jú kankan, ó kọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ sí mẹ́ta. Nígbẹ̀yìn a pa á sí ìṣẹ́jú kan, mo sì búra fún un pé nínú márùn-ún ìgbẹ̀yìn ni màá ti yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí n sọ àwọn aago tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí, kí òun lè máa gbàdúrà lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n títí a fi há wọn sórí: aago mẹ́sàn-án ni a bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá ni ìbéèrè kìíní, mẹ́tàdínláàádọ́ta kọjá ni èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọ̀sán gangan. Èmi àti ìyá mi mọ̀ ọ́n bí orin ọjọ́ ìsinmi. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe mi, àṣìṣe tí ọmọ ilẹ̀ yìí kò yẹ kó ṣe.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Aago ọwọ́ bàbá mi wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó, ọkàn mi balẹ̀. Aago mẹ́sàn-án lù. Kò sí ìbéèrè. Wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n kó o sí ń bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá: ní Òkè-Àgbò, ìyá mi ti wà lórí eékún rẹ̀ lórí ìbéèrè kìíní, èmi kò sì tíì rí ìwé. Èmi tí mo dàgbà sí ìlú tí a ń pe ìpàdé aago mẹ́wàá kí èèyàn lè dé ní méjìlá, èmi ni mo lọ gbé gbogbo ayé mi lé pé nǹkan á bẹ̀rẹ̀ lásìkò.

Ìgbà tí wọ́n ní ká ṣí ìwé, aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Obìnrin tó ń mójú tó wa kọ ọ́ sójú pátákó, ó ní a ó parí ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún lẹ́yìn aago méjìlá. Gbogbo àkókò tí mo há sórí ti bàjẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún mẹ́tàlélógún, méjìdínlógójì. Méjìlélọ́gbọ̀n kún un… Ìṣirò ló jẹ́ kí n sá wá sí ẹ̀ka òfin, ẹ gbọ́ o. Mo rí i pé mo ti lo ìṣẹ́jú méjì lórí ìṣirò, n kò sì tíì ka ìbéèrè kan.

N ò mọ ibi tí ọgbọ́n ti wá. Mo fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ aago bàbá mi jáde, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi di aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì, iye tí mo ti fi ṣòfò. Obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń tún aago mi ṣe, mà.”

Ó wo aago mi, ó wo pátákó. “O fi sẹ́yìn gan-an o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” mo ní, mo sì tẹ ọ̀pá náà padà. Láti ìgbà yẹn, aago mẹ́sàn-án ló lù fún èmi nìkan.

Mo ka ìbéèrè. Mo fi ìbéèrè ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní Èfìrè fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, ó dárúkọ iye. Ọkùnrin kan ní òun gbà, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni òun máa san án. Obìnrin náà kọ̀. Ọkùnrin wá sáré padà pé òun gba ti àkọ́kọ́. N ò kí ẹnikẹ́ni ní Èfìrè. Mo kọ ọ́ pé ìgbà tó mú àbá tirẹ̀ wá ló ti pa àbá obìnrin náà, ẹ̀mí kò sì sí nínú òkú tó padà wá gbà. Kò sí àdéhùn láàárín wọn, àyàfi bí obìnrin bá tún gbà. Aago pé. Mo ṣí ìwé. Èkejì, alágbàfọ̀ kan tó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí oníbàárà kò dé títí ó fi gbé aṣọ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ tó pẹ́ dé kì í de ẹnikẹ́ni. Aago pé.

Ẹ̀kẹta, àròkọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orí ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé ni wọ́n bi wá lé: ìdí tí òfin fi ní ìlérí lásán kò lè di ẹrù sí ẹni lọ́rùn, àfi bí ẹni tí a ṣe é fún bá fi nǹkan rọ́pò, àti ìdí tí oore tí a ti ṣe kọjá kò fi kún ìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo lè wàásù láti Òkè-Àgbò dé Màmú kí n má mumi. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń wá, ó ń wá geere. Mo dé ibi tí mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ta ko ìmoore tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, mo kọ ọ́ pé, “Ẹni tí a ṣe lóore ní ilẹ̀ wa kì í béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é, ohun tí ó ń béèrè ni”, mo sì gbójú sókè. Aago ti pé.

Ọwọ́ mi kò dúró lójú ẹsẹ̀. Gbólóhùn tó kù wà lẹ́nu bírò. Kò sì sí ẹni tí yóò já a gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi wà níta. Bí mo bá parí gbólóhùn yìí, òmíràn á tẹ̀ lé e, mo mọ ara mi. Ó dùn mí débi pé omi dé ojú mi, lórí ìlàjì gbólóhùn. Mo ṣí ewé ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí n má bàa rí i mọ́, mo kọ “Ìbéèrè Kẹrin”.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ tó ra aṣọ mẹ́wàá ní àwìn. Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, owó gbà-máà-bínú lórí àdéhùn tó bàjẹ́. Ìyẹn, n ò mọ̀ ọ́n rárá ju bí adìyẹ ṣe mọ odò lọ. Mo kọ ohun mẹ́ta tí mo rántí: òfò tó máa ń tẹ̀lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń san, tàbí èyí tí àwọn méjèèjì mọ̀ ṣáájú, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera kí òfò náà máa gbilẹ̀. Ó burẹ́wà, ó kúrú, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún kù. Mo kọ nọ́ńbà àwọn ìbéèrè sí ẹ̀yìn ìwé, mo tún ibì kan ṣe tí mo ti kọ òdìkejì ohun tí mo ní lọ́kàn, mo wá rántí ìbúra mi fún ìyá mi. Mo di ojú. Nígbà tí mo là á, wọ́n ti ń gba ìwé.

Nígbà tí èsì jáde, olùkọ́ yẹn ránṣẹ́ pè mí. Mo wọlé. Ìwé mi wà lórí tábìlì. Ó ní, “Mẹ́rìnléláàádọ́ta. O yege.” Ó kà wọ́n fún mi: méjìlá, méjìlá, àròkọ mẹ́tàlá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Mo ṣe ìṣirò tí mo kórìíra níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó dáa, mẹ́tàdínlógójì. Méjì tó burẹ́wà tí ojú ń tì mí sí, àwọn ló gbé mi dúró.

Ó ṣí ìwé sí àròkọ. “Nígbà tó kọjá, o gba mẹ́tàdínlógún níbí. Èyí ò tó o. O tún fi gbólóhùn kan sílẹ̀ láìparí.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹni tí a ṣe lóore ní ilẹ̀ wa. Kí ni ó ń béèrè?”

Gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n mi, ó pé, ó dùn, àwọn mẹ́fà míràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò mí. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Mo ní, “Àkókò ti tán, sà.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dágbére fún un dáadáa kí n tó jáde.